Ẹ Kọ Èèwọ̀ Rẹ̀ sí Iwájú Páálí

Kò sí adáhunṣe tó mọṣẹ́ tí í gbé oògùn lé èèyàn lọ́wọ́ láìsọ èèwọ̀ rẹ̀. Bó ti ń sọ pé ẹ̀kọ gbígbóná ni kí o fi mu ún, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa sọ ohun tí o kò gbọdọ̀ jẹ àti ohun tí o kò gbọdọ̀ fi lé e. Ẹni tó gba oògùn náà mọ̀ pé ara oògùn ni èèwọ̀ wà. Bí òun bá tẹ̀ ẹ́ lójú, kì í ṣe adáhunṣe ló purọ́, òun lòun ba oògùn ara òun jẹ́.

Ewé kan wà lórí àtẹ ní Bìrìtéènì àti Amẹ́ríkà tí wọ́n ń tà fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá rẹ̀wẹ̀sì. Èèwọ̀ rẹ̀ pọ̀ ju ti ọ̀pọ̀ oògùn ilé ìwòsàn lọ, síbẹ̀ bí ẹni ń ta oyin ni wọ́n ń tà á. Obìnrin tó ń lo oògùn ìfètòsọ́mọbíbí lè mú un lórí àtẹ, kó sanwó, kó sì gba ilé lọ láìsí ẹni tó bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo. Ìdájọ́ wa lórí ọ̀rọ̀ yìí kò díjú: ẹni tó bá ń fi họ́mónù fètò sọ́mọ bíbí, yàtọ̀ sí ọ̀nà méjì tí a óò dárúkọ níwájú, kò gbọdọ̀ lo ewé yìí rárá, ẹni tó bá sì ń tà á kò gbọdọ̀ tà á láìkọ èèwọ̀ rẹ̀ síbi tí ojú gbogbo ti lè rí i.

Haipẹ́ríkọ́ọ̀mù ni orúkọ ewé náà. Ewéko tó ń hù láàyè ara rẹ̀ ní Yúróòpù ni, òdòdó rẹ̀ sì jẹ́ yẹ́lò. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi orúkọ Jòhánù Mímọ́ pè é, nítorí pé àsìkò àjọ̀dún Jòhánù Onítẹ̀bọmi, 24 oṣù Kẹfà, ló máa ń tanná. Bí a bá na ewé rẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀, a óò rí àmì tín-ín-tìn-tín lára rẹ̀, bí ẹni fi abẹ́rẹ́ lu ú. Ẹni tó bá ń rajà lórí fóònù, Hypericum perforatum tàbí St John's wort ni yóò tẹ̀ kó tó rí i, àwọn orúkọ yìí náà sì ni ká máa wò lára páálí.

A kò sọ pé ewé náà kò ṣiṣẹ́. Ní 2008, ẹgbẹ́ olùwádìí Kọ́kíréènì kó ìwádìí 29 jọ, tí wọ́n ti ṣe lórí èèyàn 5,489 tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ń bá jà. Wọ́n rí i pé ó ṣe wọ́n láǹfààní ju hóró tí kò ní oògùn kankan nínú lọ, pé ó bá àwọn oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ti ilé ìwòsàn dọ́gba, àti pé ìyọnu tó ń bá a rìn kéré sí tiwọn. Wọ́n tún sọ pé àwọn ìwádìí tó wá láti àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ èdè Jámánì ló máa ń yìn ín jù, nítorí náà kí a má fi gbogbo ara gbé e. Ó tó bẹ́ẹ̀. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ yìí gan-an ló fi yẹ ká bẹ̀rù rẹ̀. Ohun tó lágbára débi pé ó lè gbé ọkàn tó wó lulẹ̀ dìde kò lè jẹ́ omi lásán nígbà tó bá dé ẹ̀dọ̀.

Inú ẹ̀dọ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀dọ̀ ni aṣọ́bodè ara. Gbogbo àjèjì tí a bá gbé mì, ì báà jẹ́ oògùn, ì báà jẹ́ májèlé, iwájú rẹ̀ ni yóò gbà kọjá. Àwọn òṣìṣẹ́ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ẹ́ńsáìmù, iṣẹ́ wọn sì ni láti gé àjèjì wọ̀nyí sí wẹ́wẹ́ kí ara lè gbé wọn dànù. Àwọn tó ń ṣe oògùn mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá ń pinnu ìwọ̀n oògùn tí yóò wà nínú hóró kan, wọ́n ti yọ èyí tí ẹ̀dọ̀ yóò gé sọ nù kúrò. Èyí tó ṣẹ́kù ló ń ṣiṣẹ́.

Agogo kan wà nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀. Bí àjèjì bá pọ̀ jù, agogo yóò dún, ẹ̀dọ̀ yóò sì gba òṣìṣẹ́ kún òṣìṣẹ́. Haipẹ́ríkọ́ọ̀mù ní ohun kan nínú tó ń jẹ́ haipafọ́rìnì, ohun yìí ló sì mọ agogo náà lù jù. Ní 2000 ni àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ tú àṣírí yìí. Àwọn tó ti tọ́jú ẹni tó ní ikọ́ ẹ̀gbẹ mọ irú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, nítorí agogo kan náà ni rifampisínì, oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ, ń lù. Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn nọ́ọ̀sì ìfètòsọ́mọbíbí ti ń kìlọ̀ fún obìnrin tó ń lo rifampisínì pé oògùn oníhóró kò ní í dáàbò bò ó mọ́. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò retí ni pé ewé tí wọ́n ń tà láàárín fítámì àti oyin lè ṣe iṣẹ́ kan náà.

Agogo kì í dún lónìí kí òṣìṣẹ́ dé lónìí. Ó ń tó bí ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n tó pé. Bákan náà, ọjọ́ tí èèyàn bá jáwọ́ nínú ewé kọ́ ni wọ́n ń tú ká, ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan ni yóò gbà. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ yìí ló ń tan èèyàn jẹ jù lọ. Ẹni tó lò ó fún ọjọ́ mẹ́ta tí nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀ yóò rò pé òun ti mórí bọ́. Ẹni tó fi í sílẹ̀ lánàá yóò rò pé gbogbo rẹ̀ ti tán.

Àwọn baba wa máa ń sọ pé ewé ń jẹ́, oògùn ń jẹ́, èyí tí kò bá jẹ́, ewé rẹ̀ ni kò pé. Nínú ọ̀rọ̀ tiwa yìí, ewé oògùn pé pérépéré. Obìnrin gbé hóró rẹ̀ mì lójoojúmọ́, kò fo ọjọ́ kan, kò bì. Ewé mìíràn ló wọlé lẹ́yìn rẹ̀ tó ń kó oògùn náà jáde.

Họ́mónù méjì ló sábà máa ń wà nínú hóró ìfètòsọ́mọbíbí, ẹ́ńsáìmù wọ̀nyí sì ń gé méjèèjì. Àwọn olùwádìí ní Amẹ́ríkà dán èyí wò, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2003. Wọ́n kó obìnrin 12 jọ tí wọ́n ń lo oògùn oníhóró, wọ́n kọ́kọ́ ṣọ́ wọn láìsí ewé, lẹ́yìn náà wọ́n fún wọn ní haipẹ́ríkọ́ọ̀mù. Kí ewé tó dé, obìnrin 2 nínú 12 ló rí ẹ̀jẹ̀ nígbà tí kì í ṣe àsìkò nǹkan oṣù wọn. Nígbà tí ewé dé, wọ́n di 7. Ìwádìí mìíràn tó jáde ní 2005 wọn họ́mónù inú ẹ̀jẹ̀ àwọn obìnrin tó ń lo hóró oníwọ̀n kékeré. Ó rí i pé bí ìdá 13 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún họ́mónù náà ló ń sọ nù, àti pé ẹyin àwọn kan nínú wọn tún ti bẹ̀rẹ̀ sí í dàgbà.

Ẹnì kan lè sọ pé ìdá 15 kéré. Yóò kéré fún obìnrin kan, kò ní í kéré fún òmíràn. Láyé òde òní, wọ́n ti dín họ́mónù inú hóró kù gan-an kí ìyọnu rẹ̀ lè dín kù. Hóró mìíràn kò ní ju máíkírógíráàmù 20 họ́mónù obìnrin nínú. Bí ẹni ń fi owó oṣù kékeré gbọ́ bùkátà ni. Bí wọ́n bá yọ náírà 15 nínú 100 rẹ̀, olówó kò ní í mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí owó oṣù rẹ̀ kàn tó jẹun yóò sùn lébi.

Ẹ̀rí láti ara àwọn obìnrin fúnra wọn kò sì ṣàìsí. Ní oṣù Kẹta 2014, àjọ tó ń ṣàkóso oògùn ní Bìrìtéènì kìlọ̀ fún àwọn dókítà lẹ́yìn tí wọ́n gbọ́ ti obìnrin méjì tó lóyún nígbà tí ìfètòsọ́mọbíbí ṣì wà lábẹ́ awọ apá wọn, èyí tí wọ́n ń pè ní ìmpíláǹtì. Haipẹ́ríkọ́ọ̀mù ni àwọn méjèèjì ń lò. Àjọ náà ka gbogbo ẹjọ́ irú èyí tó ti dé ọ̀dọ̀ wọn láti 2000, ó jẹ́ 19: ẹ̀jẹ̀ àìròtẹ́lẹ̀ ni 4, oyún àìròtẹ́lẹ̀ ni 15. Oyún 15 láàárín ọdún 14 kò pọ̀, ẹnikẹ́ni kò sì lè fi gbogbo ẹnu sọ pé ewé náà ló fa ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, torí oògùn oníhóró lè já èèyàn kulẹ̀ fún ìdí mìíràn. Ṣùgbọ́n mélòó nínú obìnrin tó lóyún láìròtẹ́lẹ̀ ni yóò rántí ike ewé tó wà lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì rẹ̀? Mélòó nínú àwọn tó rántí ni yóò kọ̀wé sí ìjọba? Àwọn tó kọ̀wé nìkan ni 15 yìí.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan ṣe é, kí ọjọ́ àti ìwọ̀n rẹ̀ lè yé wa. Ẹ ká sọ pé nọ́ọ̀sì ọmọ Yorùbá kan wà ní Mánsẹ́sítà tó ń ṣiṣẹ́ òru. Oṣù Kọkànlá ti dé, ilẹ̀ ń ṣú ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, oòrùn di ohun àwáàrí, ọkàn rẹ̀ sì wúwo. Kò fẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sí ìwé dókítà pé ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ń bá òun jà. Ó ra haipẹ́ríkọ́ọ̀mù, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó ní 1 oṣù Kọkànlá: mílígíráàmù 300 lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́, ìwọ̀n tí ọ̀pọ̀ ìwádìí lò. Ó ń gbé hóró ìfètòsọ́mọbíbí tirẹ̀ mì lálaalẹ́ bó ti máa ń ṣe.

Kò rí nǹkan kan ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Nígbà tí yóò fi di 14 oṣù Kọkànlá, òṣìṣẹ́ inú ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti pé. Ní nǹkan bí 20 oṣù náà, ó rí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lára aṣọ rẹ̀ nígbà tí hóró rẹ̀ kò tíì tán nínú páálí. Iṣẹ́ òru ló dá lẹ́bi. Ọkàn rẹ̀ sì ti ń fúyẹ́, ó ń dúpẹ́. Ìgbà tí ewé ń ṣe é lóore lójú ara rẹ̀ gan-an ni ààbò rẹ̀ ń jò láìmọ̀.

Ní 10 oṣù Kejìlá, apòògùn kan bi í ní ohun tó ń lò, ọ̀rọ̀ sì yé e. Kí ló yẹ kó ṣe? Kó dá ewé dúró lọ́jọ́ náà. Kó má dá hóró ìfètòsọ́mọbíbí dúró. Kó má sì rò pé hóró méjì lẹ́ẹ̀kan yóò dí ihò náà, nítorí ìwọ̀n họ́mónù kì í ṣe ohun tí èèyàn ń dá pín fún ara rẹ̀. Kó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́ 28, èyí tí àwọn onímọ̀ ìfètòsọ́mọbíbí ní Bìrìtéènì là sílẹ̀ kí òṣìṣẹ́ inú ẹ̀dọ̀ lè tú ká tán. Ọjọ́ náà yóò pé ní 7 oṣù Kìíní, kọ́ńdọ̀mù ni kí òun àti ọkọ rẹ̀ sì máa lò títí dìgbà náà.

Bó bá ti bá ọkọ rẹ̀ lò láìsí kọ́ńdọ̀mù láàárín ọjọ́ márùn-ún tó kọjá, ọ̀rọ̀ rẹ̀ di kíá. Ohun tó dára jù fún un ni èyí tí wọ́n fi bàbà ṣe, tí nọ́ọ̀sì tàbí dókítà ń fi sínú ilé ọmọ, nítorí bàbà kì í ṣe họ́mónù, ẹ̀dọ̀ kò sì ní ohun tí yóò gé lára rẹ̀. Bí kò bá rí èyí ṣe, oògùn pàjáwìrì tó ń jẹ́ lífónọ́jẹ́sítírẹ́ẹ̀lì wà. Láti oṣù Kẹsàn-án 2016, àṣẹ tó wà ní Bìrìtéènì ni pé obìnrin tó ti lo irú ewé yìí láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin yóò lo mílígíráàmù 3, èyí tó jẹ́ ìlọ́po méjì ìwọ̀n tí wọ́n ń fún ẹlòmíràn. Èyí kan nìkan ni wọ́n ti fọwọ́ sí ìlọ́po méjì. Oògùn pàjáwìrì kejì, ulipirísítálì, kò yẹ fún un rárá. Lẹ́yìn ọjọ́ 21, kó ṣe àyẹ̀wò oyún. Kó sì padà sọ́dọ̀ dókítà nípa ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn rẹ̀, nítorí ewé tó fi sílẹ̀ kò kó òkùnkùn ọkàn rẹ̀ lọ.

Ẹ̀jẹ̀ tí nọ́ọ̀sì yìí rí jẹ́ àmì, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má gbára lé e. Obìnrin mìíràn yóò lóyún láìrí ẹ̀jẹ̀ kankan. Ti àwọn tó ń lo ìmpíláǹtì tilẹ̀ ṣòro jù, torí nǹkan oṣù tiwọn kì í sábà ní ìlànà tẹ́lẹ̀, kò sì sí ohun tí wọn yóò fi mọ èyí tuntun yàtọ̀. Àwọn ọ̀nà tí ewé yìí kì í bà jẹ́ ni èyí oníbàbà tí a sọ, èyí tó ń tú họ́mónù sínú ilé ọmọ gan-an, àti abẹ́rẹ́ olóṣù mẹ́ta. Hóró, ìmpíláǹtì, èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ awọ ara àti òrùka ojú ara ni kò lè bá a gbé.

Bí oyún àìròtẹ́lẹ̀ bá ti wúwo tó, òun kọ́ ni ìpalára tó burú jù. Ní oṣù Kejì 2000, ìwé ìròyìn ìṣègùn Láńsẹ́ẹ̀tì tẹ ìròyìn àwọn aláìsàn méjì ní Súríìkì, ní Siwisalandi, tí wọ́n ti pààrọ̀ ọkàn fún. Oògùn kan tó ń jẹ́ saikilosipórínì ni kò jẹ́ kí ara wọn kọ ọkàn tuntun náà. Ara àwọn méjèèjì sì ti gba ọkàn yìí, wọ́n ń gbé ìgbé ayé wọn. Ìgbà tí wọ́n fi haipẹ́ríkọ́ọ̀mù kún un fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ìwọ̀n saikilosipórínì inú ẹ̀jẹ̀ wọn já wálẹ̀, tí ara wọn sì dìde sí ọkàn tó ń gbé wọn ró. Nígbà tí wọ́n dá ewé dúró, oògùn padà sí ìwọ̀n tó yẹ, wọ́n sì yè é.

Nínú ìwé ìròyìn kan náà, lóṣù kan náà, àwọn olùwádìí ìjọba Amẹ́ríkà sọ ohun tí wọ́n rí nígbà tí wọ́n fún èèyàn 8 tí ara wọn le ní ewé náà fún ọjọ́ 14 pẹ̀lú indínáfíà, oògùn kòkòrò Éèdì. Ìdá 57 nínú ọgọ́rùn-ún oògùn náà ló dàwátì nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, ó ju ìdajì lọ. Oṣù yẹn kò parí tí àjọ oògùn Amẹ́ríkà àti ti Bìrìtéènì fi kọ̀wé sí àwọn dókítà. Ẹni tí oògùn Éèdì rẹ̀ bá lọ sílẹ̀ kò ní í mọ̀ lára lójú ẹsẹ̀, kòkòrò náà ni yóò kọ́kọ́ mọ̀, yóò sì kọ́ bí yóò ṣe máa bá oògùn náà jà.

Wáfárínì tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, díjọ́síìnì tí wọ́n ń lò fún ọkàn, oògùn wárápá àti àwọn oògùn jẹjẹrẹ kan, gbogbo wọn ló wà nínú ẹgbẹ́ yìí. Wáfárínì tún ní ọ̀fìn kejì. Dókítà tí kò mọ̀ pé aláìsàn ń lo ewé lè rí i pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń dì jù, yóò sì fi kún oògùn rẹ̀. Bí aláìsàn bá wá jáwọ́ nínú ewé láìsọ fún un, òṣìṣẹ́ ẹ̀dọ̀ yóò tú ká, oògùn yóò pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, ara rẹ̀ lè máa ṣẹ̀jẹ̀ láìdáwọ́ dúró. Nítorí náà, ẹni tó bá ń lo irú oògùn wọ̀nyí pẹ̀lú ewé yìí kò gbọdọ̀ dá a dúró ní ìkọ̀kọ̀. Kó sọ fún dókítà, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò bí ewé ṣe ń kúrò lára. Oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ti ilé ìwòsàn ní tirẹ̀ kì í dínkù nìkan. Òun àti ewé yìí lè kó agbára jọ sí ọpọlọ, kí ara máa gbọ̀n, kí òógùn máa bò ó, kí ọkàn máa sáré, èyí sì lè pa èèyàn.

Kí a má rò pé ọ̀rọ̀ òkè òkun nìkan nìyí. Láti Lọ́ńdọ̀nù àti Húsítìnì, àwọn ọmọ wa ń kó irú ike wọ̀nyí wálé nínú ẹrù, wọ́n ń fún màmá, wọ́n ń fún àǹtí. Ní ilé, ìmpíláǹtì wà ní apá ọ̀pọ̀ obìnrin tó gba ìfètòsọ́mọbíbí ní ilé ìwòsàn ìjọba. Oògùn ibà tí a ń lò jù, èyí tó ń jẹ́ atẹmẹ́tà pẹ̀lú lumẹfántírìnì, ní i nínú ìwé tirẹ̀ pé kí ẹni tó ń lo haipẹ́ríkọ́ọ̀mù má lò ó. Dolutẹ́gíráfìa, tí àwọn tó ní kòkòrò Éèdì ń lò nílé báyìí, ní ìkìlọ̀ tirẹ̀ náà. Ẹni tó rò pé ẹ̀bùn ìtùnú lòun fi ránṣẹ́ sí màmá lè jẹ́ pé ibà tó kọ̀ tí kò lọ ló fi ránṣẹ́.

Ó yẹ ká gbọ́ ẹnu àwọn tó ń tà á. Wọ́n ní oríṣi kan wà tí haipafọ́rìnì inú rẹ̀ kéré gan-an, tí kì í sì í lu agogo ẹ̀dọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni. Ìwádìí fi hàn pé bí haipafọ́rìnì kò bá ju nǹkan bíi mílígíráàmù 1 lọ lóòjọ́, wàhálà rẹ̀ kéré. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí wọ́n ń kọ sí ara páálí. Púpọ̀ nínú wọn ń ṣògo pé ìwọ̀n haipẹrísìnì inú tiwọn jẹ́ ìdá 0.3 nínú ọgọ́rùn-ún. Haipẹrísìnì kọ́ ló ń lu agogo, haipafọ́rìnì ni, ìwọ̀n rẹ̀ sì lè máà sí níbẹ̀ rárá. Nọ́ńbà tí wọ́n fi ń fa ojú oníbàárà mọ́ra kì í ṣe nọ́ńbà tí yóò dáàbò bò ó. Títí tí wọn yóò fi máa kọ ìwọ̀n haipafọ́rìnì síbẹ̀, ẹni tó bá ń lo oògùn mìíràn kò ní ohun tí yóò fi mọ èyí tó rọ̀ yàtọ̀ sí èyí tó le.

Wọ́n tún sọ pé ìkìlọ̀ wà níbẹ̀, pé oníbàárà ni kò kà á. Ní Bìrìtéènì, èyí tó bá ní àmì ewé àti ìforúkọsílẹ̀ ìjọba gbọ́dọ̀ ní ìwé pélébé nínú páálí, a sì gbà pé ọ̀rọ̀ ìfètòsọ́mọbíbí wà nínú rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, àfikún oúnjẹ ni òfin 1994 kà á sí. Ẹni tó ń ṣe é kò ní láti fi ẹ̀rí síwájú ìjọba kó tó gbé e sọ́jà. Ẹni tó bá sì rà á láti ilẹ̀ mìíràn lórí fóònù lè gba ike lásán. Bí ìwé pélébé tilẹ̀ wà, ta ló ń tú u kà lẹ́yìn tó ti sanwó? Adáhunṣe kì í ká èèwọ̀ sínú ewé kí o lọ tú u nílé.

Àwọn kan ti ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní oṣù Kìíní 2000, Áyálándì ní kí ẹnikẹ́ni má rà á láìsí ìwé dókítà. A ti rò ó, a kò sì béèrè pé kí gbogbo ilẹ̀ lọ jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò lo oògùn mìíràn, tí ìrẹ̀wẹ̀sì rẹ̀ kò sì le, lè rí àǹfààní nínú ewé yìí, kò sì yẹ ká fi ìwé dókítà dínà fún un. Ohun tí a béèrè ni pé kí wọ́n kó o kúrò lórí àtẹ tí èèyàn ti ń nawọ́ mú un, kó bọ́ sẹ́yìn káńtà apòògùn, kí ẹni tó ń tà á máa béèrè ohun tí oníbàárà ń lò. Kí wọ́n sì kọ ọ́ sí iwájú páálí, ní lẹ́tà tó tóbi tó orúkọ ọjà náà: má lò ó pẹ̀lú oògùn ìfètòsọ́mọbíbí, má sì lò ó pẹ̀lú oògùn mìíràn láìbi apòògùn. Ìlà méjì péré ni.

Apá tó ṣẹ́kù wà lọ́wọ́ àwa àti àwọn dókítà. Bí dókítà bá bi ọmọ Yorùbá ní ilẹ̀ òkèèrè pé oògùn wo ló ń lò, ó máa ń dáhùn pé òun kò lo nǹkan kan. Kò purọ́ lójú ara rẹ̀, torí ní èdè tí wọ́n fi bi í, ewé kì í ṣe oògùn. Ní èdè tiwa, oògùn ni àgbo, oògùn ni hóró, ìyá wa kò pín wọn níyà rí. Kí ẹni tó bá jókòó síwájú dókítà fi èdè ìyá rẹ̀ dáhùn nínú ọkàn, kó sì ka gbogbo rẹ̀ jáde, títí kan èyí tó rà lẹ́gbẹ̀ẹ́ oyin. Kí dókítà náà má sì fi ẹni tó lo ewé rẹ́rìn-ín, nítorí ẹni tí wọ́n bá fi rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan kò ní í sọ ọ́ mọ́, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn sì ni ewé yìí fi ń rí ibi wọlé.